Bí A Ṣe Ń Yọ Òógùn Tó Pọ́n àti Èépá Rólọ́ọ̀nù Kúrò ní Abíyá Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun

Bí ẹ bá ti ń da Háípò sí abíyá ṣẹ́ẹ̀tì funfun yín, tí ẹ wá rí i pé ńṣe ló túbọ̀ ń pọ́n, kì í ṣe pé ayédèrú Háípò ni wọ́n tà fún yín. Iṣẹ́ tí ẹ rán an kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tó wà ní abíyá ṣẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìdọ̀tí kan ṣoṣo. Nǹkan bíi mẹ́ta ló so kọ́ra sínú òwú aṣọ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ohun tó ń tú u. Ẹni tó bá mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ tú, aṣọ rẹ̀ á mọ́. Ẹni tó bá fi ti ìkẹyìn ṣáájú, á kàn máa bó o títí tí òwú á fi já ni. Nídìí iṣẹ́ alágbàfọ̀ tí mo ń ṣe, ṣẹ́ẹ̀tì tí Háípò bà jẹ́ pọ̀ ju èyí tí òógùn bà jẹ́ lọ fíìfíì.

Ohun tó há sínú òwú

Òógùn tó ń jáde káàkiri ara wa, omi àti iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ba aṣọ funfun jẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì yín: ó lè rin gbindin lọ́sàn-án, síbẹ̀ kì í pọ́n bíi ti abíyá. Abíyá yàtọ̀ nítorí pé òógùn mìíràn tún ń jáde níbẹ̀, èyí tó ní ọ̀rá àti purotéènì nínú, àti nítorí pé ibẹ̀ nìkan la máa ń fi rólọ́ọ̀nù sí.

Rólọ́ọ̀nù tó ń dá òógùn dúró, yálà èyí tí a ń yí mọ́ra ni o tàbí èyí tí a ń fín, iyọ̀ alumíníọ́mù ló fi ń ṣiṣẹ́. Iyọ̀ yìí ló ń dí ojú ihò òógùn fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí kò bá ráàyè wọ inú ihò, ara aṣọ ló ń lọ. Àwọn tó ń fi álọ́ọ̀mù pa abíyá dípò rólọ́ọ̀nù náà kò bọ́ níbẹ̀, torí alumíníọ́mù ló wà nínú álọ́ọ̀mù pẹ̀lú.

Ẹni tó bá ti fi álọ́ọ̀mù mú kí omi kànga tòrò rí á tètè lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ro álọ́ọ̀mù mọ́ omi tó dọ̀tí, láìpẹ́ ẹ ó rí i tó ń dì, tó ń kó ìdọ̀tí inú omi jọ, tó sì ń fà á lọ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nínú aṣọ náà, bó ṣe rí nìyẹn. Ọṣẹ ìfọṣọ ló ń mú kí alumíníọ́mù dì. Bó ṣe ń dì, ó ń kó ọ̀rá àti purotéènì inú òógùn mọ́ra, gbogbo rẹ̀ á sì há sáàárín fọ́nrán òwú. Ìyẹn ni èépá tó máa ń le tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ọ̀rá tó há sínú èépá yìí ló ń pọ́n bó ṣe ń pẹ́, pàápàá tí áyọ́ọ̀nù bá ń gbóná lé e lórí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Nítorí náà, bí iṣẹ́ náà ṣe tẹ̀ léra nìyí: ohun kíkan ló ń tú alumíníọ́mù, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ló ń kó ọ̀rá, bílíìṣì ọ́kísíjìn tàbí pẹrọ́kísáìdì ló ń pa àwọ̀ tó bá ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá kọ́kọ́ lo ọṣẹ, pàápàá ọṣẹ pálápálá tí a ń gé, ọ̀rá ọṣẹ náà gan-an lè dì mọ́ alumíníọ́mù, kí èépá tún nípọn sí i. Bí ẹ bá sì kọ́kọ́ lo pẹrọ́kísáìdì, orí èépá ló máa dúró, kò ní dé ibi tí àwọ̀ wà.

Ní ti Háípò, Jíìkì àti gbogbo bílíìṣì tó jẹ́ kílórínì, nǹkan méjì ni wọ́n fi ń ṣe ibi. Kílórínì máa ń bá purotéènì inú òógùn jà, ohun tí ìjà yẹn sì ń bí, pípọ́n náà ni. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà pé kì í rún, wọ́n ti fi oje kan pa á láti ilé iṣẹ́. Oje yẹn máa ń di kílórínì mú, tí áyọ́ọ̀nù bá sì kàn án, aṣọ á pọ́n, òwú rẹ̀ á sì rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá a

Kí ẹ tó rọ ohunkóhun sí i, ẹ yí ṣẹ́ẹ̀tì náà síta kí inú rẹ̀ wà lókè. Inú ni àbàwọ́n wà ní tòótọ́. Ohun tí ẹ ń rí lóde, àyọjáde rẹ̀ ni. Ẹ gbé e sí ojúmọmọ, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù, kí ẹ sì fi ìka tẹ̀ ẹ́.

Tó bá gan, tó dà bíi pé wọ́n fi sítáàṣì sí ibẹ̀ nìkan, tí ìka yín sì ń yọ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tó kan àbẹ́là, èépá pọ̀ níbẹ̀. Ohun kíkan ni ẹ máa lò jù. Tó bá pọ́n àmọ́ tó rọ̀ bíi ti ara aṣọ yòókù, èépá kò pọ̀, ọ̀rá tó ti gbó ni. Ìṣísẹ̀ kìíní á yá kíá, pẹrọ́kísáìdì ló máa ṣiṣẹ́ jù. Tó bá jẹ́ ìlà funfun lásán, tí kò tíì pọ́n rárá, rólọ́ọ̀nù àná ni, fínígà àti ọṣẹ abọ́ nìkan tó o.

Tó bá jẹ́ gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì ló pọ́n, látọrùn dé ìsàlẹ̀, ẹ má dá abíyá lẹ́bi. Bóyá Háípò ti pọ̀ jù fún un, tàbí kó jẹ́ omi bọ́ọ̀hóò tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́ ló ní irin nínú. Ẹ bu omi náà sínú abọ́ funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ohun pupa bíi ìpẹtà bá rọ̀ sí ìsàlẹ̀, irin ni. Ó yẹ kí ẹ mọ èyí ṣáájú torí pé irin àti pẹrọ́kísáìdì kì í gbé pọ̀: níbi tí ìpẹtà bá wà lára aṣọ, pẹrọ́kísáìdì á ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ, òwú á sì jó, á lu. Omi òjò ni kí ẹ fi ṣe irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo bọ́tìnì. Ohun kíkan máa ń jẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ìkarawun ṣe. Èyí tó bá jẹ́ rọ́bà kò ní ìṣòro. Ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ọrùn aṣọ. Òwú, polísítà àti àdàlù àwọn méjèèjì ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Sílíìkì àti aṣọ onírun àgùntàn kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa rà

Fínígà funfun ìgò kan. Tí kò bá sí, ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ fún un, kí ẹ sẹ́ ẹ dáadáa, torí èèpo àti pàǹtí rẹ̀ lè fi àwọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń ta èròjà oúnjẹ àti ohun mímu tún máa ń ní ìyẹ̀fun kíkan tó ń jẹ́ síítíríìkì ásíìdì; ṣíbí ìjẹun kan nínú ìlàjì lítà omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó fún abíyá méjèèjì. Òun ni mo fẹ́ràn jù, torí kì í rùn, kò sì wọ́n tó fínígà.

Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, èyí tí kò ní àwọ̀ tó kún jù. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, tí ẹ kò lò mọ́. Bẹ́kínì sódà ṣíbí díẹ̀. Kí ẹ má ṣe fi káún rọ́pò rẹ̀ o. Àwọ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ inú káún kò yẹ aṣọ funfun.

Lẹ́yìn ìyẹn, haidirójìn pẹrọ́kísáìdì láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn, inú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀. Ẹ ka iye tó wà lára rẹ̀ dáadáa. Ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni a fẹ́, àwọn kan máa ń kọ ọ́ ní fọ́lúùmù 10. Tó bá jẹ́ 6, ìyẹn fọ́lúùmù 20, ẹ fi omi tó bá a dọ́gba là á. Èyí tí àwọn onídìrí fi ń pa irun láró lè tó 12, á bó yín lọ́wọ́; ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Tí ẹ bá rí bílíìṣì oníyẹ̀fun tí wọ́n kọ ọ́kísíjìn sí lára páálí rẹ̀, ó tún dára ju pẹrọ́kísáìdì inú ìgò lọ fún aṣọ tó ti pẹ́, torí a lè rẹ odindi aṣọ sínú rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí kò gba àwàdà. Fínígà, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ohun kíkan èyíkéyìí kò gbọ́dọ̀ kan Háípò tàbí Jíìkì. Gáàsì kílórínì tó ń jáde níbẹ̀ ń jó ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, balùwẹ̀ kékeré ló sì burú jù fún un. Tí ṣẹ́ẹ̀tì bá ti kan Háípò tẹ́lẹ̀, ẹ ṣan án nínú omi púpọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, kí ẹ sá a kó gbẹ, kó tó kan fínígà.

Ìṣísẹ̀ kìíní: ohun kíkan

Ẹ rin abíyá ṣẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú omi tútù, ẹ fún un díẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sínú bàsíà, inú aṣọ lókè, kí ẹ wá rọ fínígà sí i títí tí ibi tó gan á fi rin. Bí ìlàjì ife tó fún abíyá kan. Fínígà tó bá ṣàn sísàlẹ̀ bàsíà kò ṣòfò, ẹ fi ibi tó gan náà sínú rẹ̀ kó máa mu ún. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìlàjì wákàtí tó bá jẹ́ àbàwọ́n tuntun, wákàtí kan tó bá ti pẹ́.

Ẹ má jẹ́ kó gbẹ mọ́ ọn lára. Ohun kíkan tó bá gbẹ sínú òwú ń jẹ òwú, tí áyọ́ọ̀nù bá sì bá a níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí n kò fi gba àṣà kí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí aṣọ ká wá sá a sínú oòrùn gangan. Lóòótọ́ ó ń funfun, àmọ́ láàárín oṣù díẹ̀, abíyá náà á máa ya bíi bébà.

Nígbà tí àkókò bá pé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́ jẹ́jẹ́, ọ̀nà kan náà tí fọ́nrán òwú gbà lọ, kì í ṣe òbírípo. Ẹ ó rí ohun kan tó ń yọ̀ bí ilá tó ń bọ́ sí orí búrọ́ọ̀ṣì, tó máa ń funfun tàbí kó jẹ́ eléérú. Èépá ni. Ẹ ṣan án, kí ẹ wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó bá ṣì gan, ẹ tún fi fínígà sí i. Ojú rírán ló máa ń ṣorí kunkun jù, níbi tí apá ti pàdé ara aṣọ, torí aṣọ ti ṣẹ́ po níbẹ̀. Ìṣísẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ tó kù kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ kò gbọ́dọ̀ lọ sí èkejì títí tí abíyá á fi rọ̀ bíi ti àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Ẹ wá ṣan án dáadáa títí tí òórùn fínígà á fi lọ.

Ìṣísẹ̀ kejì: ọṣẹ abọ́

Èyí kò ní wàhálà. Ẹ kán ọṣẹ abọ́ bíi ṣíbí tíì kan sí abíyá kọ̀ọ̀kan nígbà tí aṣọ ṣì tutù, ẹ fi ìka pa á wọlé láti inú àti láti òde, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan án. Omi tó hó kọ́ o. Purotéènì tó bá ṣì wà níbẹ̀ á sè mọ́ aṣọ bí ẹyin ṣe ń dì.

Aṣọ tó bá ní polísítà nínú fẹ́ ìṣísẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, torí polísítà fẹ́ràn ọ̀rá ju òwú lọ. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ wò tí ẹ bá ti ṣan án. Tí abíyá bá ṣì ń rùn nígbà tó wà nínú omi, ọ̀rá kò tíì kúrò tán.

Ìṣísẹ̀ kẹta: àwọ̀ tó kù

Ọ̀nà méjì ló wà. Fún àbàwọ́n tí kò pọ̀, ẹ po pẹrọ́kísáìdì ṣíbí ìjẹun 2, ọṣẹ abọ́ ṣíbí 1 àti bẹ́kínì sódà ṣíbí 1 sínú abọ́ rọ́bà tàbí tánganran. Á hó díẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sí abíyá, kí ẹ fi í síbi ibòòji fún bí ìṣẹ́jú 40, kí ẹ máa fi pẹrọ́kísáìdì díẹ̀ rin ín tó bá fẹ́ gbẹ. Ẹ lo ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú abọ́, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò kí ẹ dé e, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè mú kí ìgò bẹ́.

Fún aṣọ tó ti pọ́n tipẹ́, bílíìṣì ọ́kísíjìn oníyẹ̀fun ló dára. Omi gbígbóná ló ń jí i. Nínú omi tútù, ńṣe ló máa ń sùn. A fẹ́ omi tó tó ìwọ̀n 50 sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ẹ kò sì nílò ohun tí a fi ń wọn ooru. Ife omi híhó kan sí ife omi ẹ̀rọ méjì á gbé e dé bẹ̀ tàbí kó súnmọ́ ọn. Ẹ fi ìyẹ̀fun náà ṣíbí ìjẹun kan sí lítà omi kan, ẹ rò ó títí tó fi yọ́ tán, kí ẹ tó ri aṣọ náà. Kí gbogbo rẹ̀ rì o, kì í ṣe abíyá nìkan, kí ibì kan má baà funfun ju ibòmíràn lọ. Wákàtí mẹ́fà tó. Lẹ́yìn ìyẹn, omi náà ti kú, kí aṣọ sùn sínú rẹ̀ di ọ̀la kò tún fi nǹkan kan kún un.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà ni kí ẹ lò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì irin tó ti dípẹtà, ẹ ti mọ ìdí tí mo fi kọ̀ ọ́.

Ìṣísẹ̀ kẹrin: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ wò ó

Ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun yín fọ aṣọ náà bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sá a sábẹ́ ibòòji kó gbẹ. Kí ẹ má tíì lọ̀ ọ́. Aṣọ tútù máa ń tan ojú jẹ. Àbàwọ́n tó bá kù kì í hàn títí tí aṣọ á fi gbẹ, áyọ́ọ̀nù ló sì máa ń mú kí èyí tó kù di ti títí láé. Ẹ gbé e sí ojúmọmọ. Tí pípọ́n bá ti dín kù àmọ́ tí kò tíì tán, ẹ tún ìṣísẹ̀ kẹta ṣe. Tí kò bá dín kù rárá, ìṣísẹ̀ kìíní ni kò délẹ̀. Ẹ padà síbẹ̀.

Búlúù tí àwọn ìyá wa fi ń ṣan aṣọ funfun ṣì wúlò, ṣùgbọ́n òpin ni àyè rẹ̀. Kì í yọ nǹkan kan. Àwọ̀ búlúù díẹ̀ ló fi ń bo pípọ́n mọ́lẹ̀ kí ojú lè rí i bíi funfun. Tí ẹ bá lò ó nígbà tí abíyá ṣì pọ́n gan-an, ibẹ̀ á di àwọ̀ ewé, ojú gbogbo ènìyàn ni yóò sì máa lọ síbẹ̀.

Ṣẹ́ẹ̀tì lọ́yà kan

Lọ́yà kan gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun alápá gígùn wá fún mi. Àdàlù ni, polísítà 65, òwú 35. Ẹ mọ̀ pé lábẹ́ kóòtù dúdú àti gáùn ilé ẹjọ́, abíyá kì í rí afẹ́fẹ́ rárá. Abíyá méjèèjì gan bíi páálí, àmọ́ ti ọ̀tún pọ́n ju ti òsì lọ, ó sì pọ́n lọ́nà mìíràn, bíi pé wọ́n kùn ún.

"Lọ́yà, ta ló da Háípò sí èyí?"

"Ẹ má bínú, mà. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ni. Ó ní ọ̀tún ló dọ̀tí jù."

Mo kọ́kọ́ ṣan án ní àṣantúnṣan, mo sá a, nítorí Háípò yẹn. Lẹ́yìn tó gbẹ ni mo gbé síítíríìkì ásíìdì sí i fún wákàtí kan. Èépá òsì ṣí kíákíá, ó ń yọ̀ sí búrọ́ọ̀ṣì lọ́nà tí mo ṣàlàyé lókè. Ti ọ̀tún rọ̀ láàárín, àmọ́ ojú rírán rẹ̀ ṣì gan, mo tún un ṣe níbẹ̀ nìkan. Nígbà tí ibi gbogbo ti rọ̀, ọṣẹ abọ́ ló kàn, lẹ́ẹ̀mejì nítorí polísítà. Lẹ́yìn náà ni mo ri gbogbo rẹ̀ sínú bílíìṣì ọ́kísíjìn láti ọ̀sán títí di alẹ́.

Nígbà tó gbẹ, òsì ti mọ́ tónítóní. Ọ̀tún ti rọ̀, èépá kò sí níbẹ̀ mọ́, àmọ́ àmì pípọ́n kan tó tóbi tó ojú kọ́bọ̀ ṣì wà. Mo fi àdàlù pẹrọ́kísáìdì pa á, ó dín kù sí i. Bí mo ṣe fẹ́ tún un ṣe, mo na ibẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, mo sì rí i pé fọ́nrán òwú ti tín-ín-rín níbi tí Háípò ti dúró pẹ́ jù. Polísítà nìkan ló ń di aṣọ mú. Mo dúró níbẹ̀. Àwọ̀ tó bá wá látinú òwú tó ti bàjẹ́, kò sí ohun tó ń yọ ọ́, torí kì í ṣe àbàwọ́n mọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un nígbà tó wá gbé e. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ lábẹ́ kóòtù rẹ̀, àmì náà kò sì hàn sí adájọ́.

Àyẹ̀wò tí mo ṣe yẹn, ẹ lè ṣe é nílé: ẹ na abíyá ṣẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń kọjá níbẹ̀ ju bó ṣe ń kọjá láyà rẹ̀ lọ, ẹ má fi ohunkóhun sí i mọ́ ju ọṣẹ lọ.

Kí ó má baà tún rí bẹ́ẹ̀

Rólọ́ọ̀nù tó bá pọ̀ jù, aṣọ ló ń gbà á. Yíyí lẹ́ẹ̀mejì sí abíyá tó gbẹ tó, kí ẹ sì dúró títí tó fi gbẹ kí ẹ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Èyí tó sàn jù ni kí ẹ fi í sí abíyá lálẹ́, lẹ́yìn ìwẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ sùn: òógùn kì í pọ̀ lóru, iyọ̀ náà á ráàyè wọ ojú ihò, ẹ lè wẹ̀ láàárọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó ní apá lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì ń gba èyí tó kù. Síńgílẹ́ẹ̀tì tí kò lápá kò wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí.

Rólọ́ọ̀nù tó kàn ń pa òórùn, tí kò ní alumíníọ́mù nínú, kì í sábà fi èépá sílẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò kí ẹ tó rà á. Ẹ ó máa làágùn o, àmọ́ aṣọ yín kò ní gan.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kí ẹ má sọ ọ́ sínú agbọ̀n títí di Sátidé. Ẹ yí abíyá rẹ̀ síta, ẹ ṣan án pẹ̀lú omi tútù, kí ẹ fi ọṣẹ abọ́ kán-ún-kán-ún sí i, kí ẹ sá a. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Tí ẹ bá ń fi sítáàṣì sí ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó mọ sí ọrùn, ọwọ́ àti àyà. Abíyá tí sítáàṣì wà nínú rẹ̀ ń di òógùn mú ni. Bí rólọ́ọ̀nù bá sì ti ń fi ìlà funfun hàn níbẹ̀, ẹ fi fínígà tí a fi omi là dọ́gbadọ́gba sí i fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó fọ̀ ọ́, nígbà tí kò tíì pọ́n.